Àárọ̀ Tí Gbogbo Yàrá Kún

Títí di òní, bí mo bá ṣí omi gbígbóná ní ìlú tí mo ti ń darúgbó yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rántí, òun àti àárọ̀ tí hòtẹ́ẹ̀lì wa kọ́kọ́ kún.

Olórí ibi ìfọṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Èmi ń tún páìpù ṣe. Ọ̀gá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ti pa bọ́ílà tó ń fi epo dísù sè omi tì, ó ra ẹ̀rọ tuntun kan tó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ sínú omi, bíi fíríìjì tí wọ́n yí sódì. Ó wá búra pé bí omi bá fi tutù mọ́ àlejò kan ṣoṣo lára, òun á ti ibi ìfọṣọ, tó ń bá àlejò pín omi gbígbóná, pa, ará ìta ni yóò máa fọ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ẹnjiníà tó wá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fẹ́ ìjókòó, ti ka yàrá, ó ti wọn ẹrù aṣọ, kó lè mọ iye omi tí a ó lò.

"Ẹ̀rọ yìí kì í sáré," ó wí, "ṣùgbọ́n kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Òru ni yóò fi mú omi táǹkì gbóná. Kí àlejò kọ́kọ́ wẹ̀, kí aṣọ tó tẹ̀ lé e."

"Aṣọ mi ò mọ dídúró o," ẹ̀gbọ́n mi fèsì, "àmọ́ màá jókòó lé e lórí."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo yàrá kún, omi ń dún nínú páìpù bí òjò. A rọ́ jọ sí yàrá ẹ̀rọ, àyà ń já wa, ẹ̀rín sì ń pa wá. Ọ̀gá já wọlé, ó ṣí táàpù kékeré ìsàlẹ̀ táǹkì, ó tọ́wọ́ bọ omi.

"Yéè! Ó ti tutù! Mo gbé! Ẹ tan bọ́ílà!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìsàlẹ̀ ni omi tútù ń gbà wọlé," ni ẹnjiníà wí. "Omi gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń lé sí, òkè náà la ti ń fà á."

"Ṣé àlàyé ni kí àlejò fi wẹ̀?"

Kí n tó mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti gun àkàbà, ó fọwọ́ kan páìpù tó ti òkè táǹkì jáde.

"Yéè, ó jó mi! Ọ̀gá, ẹ gòkè wá, kó jó ẹ̀yin náà!"

Ọ̀gá gùn ún tikùn-tikùn. Kò tíì débẹ̀ tí fóònù fi dún, mo gbé e: àlejò tó wẹ̀ gbẹ̀yìn ló ń pariwo.

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá bi mí.

"Ó ní ta ló fẹ́ sè òun bí ẹyin!"

Ariwo ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá di àkàbà mú kó má bàa ṣubú. Nígbà tó yá, ẹnjiníà wo aago ooru tó wà láàárín táǹkì, ó rí i pé ó ti ń gòkè padà, ó mi orí sí wa pé kí aṣọ máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹrù aṣọ ìbùsùn léjìká.

"Ẹ kó wọn wá, ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ló ní àwọn ará ìta á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa?"