Ọ̀dà Àwìn

Ó ti rẹ Ìyá Ọlọ́dà kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ rẹ̀ ní itan, òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Owó tó yẹ kó fi kó ọjà ẹ̀ẹ̀rùn ti bá iṣẹ́ abẹ lọ. Pẹpẹ ọjà ti rí bí ẹnu arúgbó: garawa ọ̀dà kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, àlàfo láàárín.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ akunlé, wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ kíkun ilé-ìwé kan fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ogójì garawa funfun, mẹ́wàá búlúù. Ẹ bá mi wá a. Tí mo bá ti kùn ún tán, ìyá onílé-ìwé á sanwó fún mi, èmi náà á sì san tiyín."

"Ìgbà wo lo máa kùn ún tán?"

"Oṣù kan. Bóyá kó lé díẹ̀."

"Bóyá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ọkùnrin kan tí gbogbo ọlọ́dà ń pè ní Afínjú, torí pé ó lè wà láàárín ọ̀dà látàárọ̀ dalẹ́ kó má ta sí i láṣọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá náà ti máa ń rajà, owó lọ́wọ́. Kò ràwìn rí.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mo máa lé padà," ni Afínjú wí. "Màá kó ọgọ́rùn-ún garawa fún yín láwìn. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ó fi san án."

"Àádọ́ta ni mo fẹ́: ogójì funfun, mẹ́wàá búlúù."

"Àádọ́ta yẹn, funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Funfun ń tà fúnra rẹ̀. Ta ló máa bá mi kó yẹ́lò àti eléérú? Ẹni tó bá fẹ́ funfun láwìn, á kó àwọn yòókù mọ́ ọn."

Ìyá Ọlọ́dà wo àwọn garawa yẹ́lò tó wà ní kọ̀rọ̀, tí eruku ti bo ìdérí wọn. Ó mọ̀ pé ọ̀dà tó bá pẹ́ jù nílẹ̀ á dì, ṣùgbọ́n gbèsè orí rẹ̀ ò ní dì. Ó béèrè iye owó. Èyí tí Afínjú dá lé e ju èyí tó máa ń san lọ.

"Owó ọwọ́ lẹ máa ń mú wá," ni ọkùnrin náà wí. "Àwìn ní iye tirẹ̀. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, èlé á máa gorí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ó sì kọ sọ̀wédowó ọjọ́ iwájú sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

"Ẹ má rò ó pẹ́ o."

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ nítan.

"Tí ilé-ìwé ò bá sanwó, ta ni Afínjú máa wá bá?" ni ọkọ bi í.

"Èmi ni."

"Kì í ṣe àbúrò rẹ?"

"Kò mọ àbúrò mi rí."

"Nígbà náà, lọ rí ẹni tí owó ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ó lọ sí ilé-ìwé náà. Ọ́fíìsì ìyá onílé-ìwé há, ìwé kún orí àga débi pé ó ní láti gbé díẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò tó ríbi jókòó. Ojú òun náà ti rẹ̀.

"Owó ilé-ìwé kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá," ló ní. "Àwọn òbí ń san án díẹ̀díẹ̀."

"Ìyẹn ni mo ṣe wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya owó ọ̀dà sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, kí ẹ san án fún èmi fúnra mi. Ẹ san ìdá kan nínú mẹ́ta kí ọ̀dà tó dé. Ìgbà wo lẹ rò pé ìyókù á pé?"

Obìnrin náà ronú. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́. Bí Ìyá Ọlọ́dà ṣe ń rìn lọ sílé ló ń ṣírò. Tó bá gba ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́wọ́ Afínjú, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni gbèsè á fi ṣáájú owó dé, kò sì ní nǹkan kan tó máa fi dí àlàfo náà.

Kó tó di alẹ́, àbúrò rẹ̀ ti gbọ́.

"Ẹ gba ẹ̀yìn mi lọ bá ọ̀gá mi! Ẹ sọ mí di olè!"

"Mi ò pè ọ́ lólè. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí owó ń gbà bọ̀ ni."

"Ọmọ ìyá yín ni mí o."

"Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ jẹ gbèsè nìyẹn. Ta ni mo tún lè torí rẹ̀ jẹ gbèsè?"

Àbúrò rẹ̀ yíjú padà. Ó fa ilẹ̀kùn pa gbàà, ó lọ. Okun láti sáré tẹ̀ lé e kò sí lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí ìdá owó àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó padà sọ́dọ̀ Afínjú.

"Àádọ́ta, kò sí yẹ́lò, kò sí eléérú. Owó ìdá kan rèé. Ẹ fi iye owó ọwọ́ ṣírò ti èyí, kí ẹ fi iye àwìn ṣírò ìyókù. Ẹ fún mi ní ọgọ́ta ọjọ́. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ṣọ́ọ̀bù mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á."

Afínjú bú sẹ́rìn-ín. "Ọgọ́ta! Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni iléeṣẹ́ tó ń po ọ̀dà ń fún èmi alára. Ibo ni n ó ti bù kún un?"

"Ó dáa, márùndínláàádọ́ta. Pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ kí èlé tó bẹ̀rẹ̀. Garawa tí a ò bá ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó gbà á padà. Mi ò sì ní kọ sọ̀wédowó owó tí kò sí ní báńkì."

"Kí ni n ó wá dì mú?"

"Ìwé tí onílé-ìwé kọ nìyí. Àti èmi. Ṣé mo jẹ yín ní kọ́bọ̀ rí?"

"Ẹ ò jẹ mí rí, torí ẹ ò ràwìn rí!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Afínjú ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní garawa tó bá máa padà gbọ́dọ̀ padà kí oṣù kan tó pé. Ìyá Ọlọ́dà gbà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀dà dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́ wá gbé e, òun fúnra rẹ̀ ò yọjú. Garawa funfun mẹ́fà ṣẹ́kù, Ìyá Ọlọ́dà sì tètè dá wọn padà kó tó di pé oṣù parí, gbèsè náà fúyẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, ìdajì ìyókù owó ọ̀dà ni onílé-ìwé rí san. Ìyá Ọlọ́dà ò dúró kí Afínjú pè é. Ọjọ́ ò tíì pé tó fi gbé ìdajì náà lọ bá a, tó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe jẹ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò sá fún mi," ni Afínjú wí. "Ẹ ní ọ̀sẹ̀ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, èlé ò mojú o."

Ọ̀sẹ̀ náà ń lọ, oorun ò kun ojú rẹ̀. Ó ti ń ronú àtita ẹ̀rọ amómitutù ilé wọn nígbà tí onílé-ìwé pè é pé kó wá gba owó rẹ̀, ó pé.

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín," ni obìnrin náà wí. "Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ san fún un. Ó ní òun ò gbà á, àfi kí n kọ́kọ́ san owó ọ̀dà. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì san tirẹ̀ tán."

Ìyá Ọlọ́dà san gbèsè náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èrè tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Oògùn ọkọ rẹ̀ ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Afínjú pè é lórí fóònù pé garawa mìíràn wà nílẹ̀ láwìn, iye ọjọ́ kan náà, iye owó kan náà.

"Ẹ jẹ́ kí n mí ná," ló dá a lóhùn.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ wọlé, ó kí i wúyẹ́wúyẹ́, ó ra búrọ́ọ̀ṣì méjì, ó sanwó. Kò lọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi tábìlì ṣe ìrọ̀rí.

"Ẹ lọ sùn sẹ́yìn," ló ní. "Màá dúró ti ọjà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde láìjiyàn, ó lọ sẹ́yìn.