Ìlérí Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Ilé ìfọṣọ náà wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ní ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn aláìsàn kì í dé. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo èyí tí dókítà bá wọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ ló ń bọ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin kan ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ pé òun ló ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó ṣe di Ìyá Káàbọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, kò tíì wọ iṣẹ́ tuntun rí kí wọ́n pa á tì sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣe é. Àga ló kọ́kọ́ máa ń fún wọn. Á béèrè bí wọ́n ṣe rìn dé, á sì fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn wọ́n kó tó fi ẹ̀rọ kankan hàn wọ́n, nítorí ó mọ̀ pé ojú máa ń ti ẹni tuntun láti béèrè. Ìgbà yẹn ni òfin á wá bẹ̀rẹ̀. Aago méje, aago méje ni, kì í ṣe méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Àpò pupa, aṣọ àwọn tí àrùn wọn ń ràn ni, ẹ má tú u, bó ṣe wà ni kí ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ, omi ni yóò yọ́ àpò náà níbẹ̀. Àpò funfun, ẹ da aṣọ inú rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ fi ojú wò ó kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú àpò láé.

Abẹ́rẹ́ ló máa ń kẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú aṣọ. Kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Tí Ìyá Káàbọ̀ bá dé ibẹ̀, á pa ìwé dé, á bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á sì sọ àṣìṣe ti ara rẹ̀ fún wọn. Ní ọdún kejì tó dé iṣẹ́, abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò, ẹ̀rù ọ̀gá sì bà á, ló bá fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó sọ, oògùn tó ń dènà àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ò sì wúlò mọ́ nígbà yẹn, nítorí kì í ṣiṣẹ́ tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń fún ọmọ lọ́mú nígbà náà. Ó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú lójijì, ọmọ ń sunkún, òun náà ń sunkún, ó di oṣù mẹ́fà kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé kò sí nǹkan kan. "Nítorí náà," á máa wí, "tí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, ẹ má fi sẹ́nu. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sáré wá bá mi. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí, kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín." Ọdún mẹ́wàá ló fi sọ ọ́, òótọ́ sì ni fún gbogbo ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Àmọ́ ilé ìwòsàn ti gbé iṣẹ́ ìfọṣọ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan láti oṣù méjì sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ náà sì rán máníjà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ènìyàn kí ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ̀rọ̀ burúkú, bí ẹni pé ẹ̀rín náà ni yóò jẹ́ kó dùn lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí àwọn ẹni tuntun mẹ́rin fẹ́ dé, ó pe Ìyá Káàbọ̀ sí ọ́fíìsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀yàyà gbà wọ́n o. Mo ti gbọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ sọ ti abẹ́rẹ́ fún wọn, kí wọ́n máa wá sọ. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn yẹn, ẹ fò ó."

"Kí ló dé, ọ̀gá?"

"Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, a ṣì ń dán wọn wò ni. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún láàárín oṣù mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ ò ní mú un dúró. Àìfarabalẹ̀ ni wọ́n kà á sí."

"Ṣé kí n sọ ìyẹn fún wọn?"

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má sọ ìyẹn náà, mà."

Ìyá Káàbọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ méjì nílé ìwé gíga, ó sì mọ bí ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ṣe ń wá iṣẹ́.

Àwọn mẹ́rin ti jókòó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ga débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, Ìyá Káàbọ̀ sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ara wọn sì rọ̀. Obìnrin kan jẹ́ télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kógbá sílé. Obìnrin kejì ti ṣe tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni kẹrin ni ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, tí èjí wà láàárín eyín iwájú rẹ̀, Ìyá Káàbọ̀ sì sọ ìyẹn ní Eléjí. Òun ni àkọ́bí, bàbá wọn ti kú, òun ló ń gbọ́ bùkátà àwọn àbúrò mẹ́ta. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tó máa ṣe láyé rẹ̀ nìyí.

Ìyá Káàbọ̀ sọ ti aago méje, ó sọ ti àpò pupa, ó sọ ti tábìlì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sọ ti ọmọ tó já lẹ́nu ọmú. Nígbà tó dé ibi tí máníjà ní kó fò, ó fò ó lóòótọ́. Ó ní, "Kí ẹ sáré wá bá mi," ó sì dákẹ́. Ó rò pé ó ti bọ́.

Eléjí gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Mà, tá a bá wá sọ, wọn ò ní lé wa lọ?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Kí ni kó sọ? Tó bá ní wọ́n máa lé wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa wá sọ, àrùn á sì wọ ara ẹni tó dákẹ́. Tó bá ní wọn ò ní lé wọn, irọ́ ni. Ó rò ó pé oṣù mẹ́ta kò jìnnà, mẹ́rin péré ni wọ́n, òun á máa dúró tì wọ́n, abẹ́rẹ́ kankan ò ní gún wọn lójú òun. Bí ènìyàn ṣe ń fi ìrètí tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn.

"Kò sẹ́ni tó máa lé yín," ló wí.

Ó dúró tì wọ́n lóòótọ́. Kò jẹun ọ̀sán. Ní aago kan kọjá díẹ̀, ẹ̀rọ kejì kọ iṣẹ́, wọ́n ké sí i, kò sì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Nígbà tó padà, Eléjí ló rí níbi omi, ó ti na ọwọ́ òsì sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀.

"Mà, mi ò fún un, mi ò sì fi sẹ́nu. Mo da aṣọ sórí tábìlì, mo wò ó, inú ìṣẹ́po aṣọ ni abẹ́rẹ́ náà wà. Ó gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá." Síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé òun ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ òun. "Ẹ ní ká sáré wá bá yín."

Ìyá Káàbọ̀ mú ìwé ìjàǹbá jáde, èyí tí wọ́n ń kọ ohun tó bá ṣe òṣìṣẹ́ sí. Kílíníìkì òṣìṣẹ́ kì í fún ẹnikẹ́ni ní oògùn láìrí fọ́ọ̀mù tí Ìyá Káàbọ̀ bá fọwọ́ sí, fọ́ọ̀mù náà sì ní ẹ̀dà kan tó ń lọ sọ́dọ̀ máníjà. Tó bá kọ ọ́, iṣẹ́ ọmọ náà ti lọ. Tí kò bá kọ ọ́, kò sí oògùn. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ láti ṣàlàyé, kí ọmọ náà yàn fúnra rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó rántí àwọn àbúrò mẹ́ta yẹn, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni ọmọ náà máa yàn. Ló bá kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i.

"Máa lọ," ló wí. "Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n á fún ẹ ní oògùn. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wàá fi lò ó, má fo ọjọ́ kan."

"Ẹ ṣé, mà," ni Eléjí wí.

Ìyá Káàbọ̀ tọ máníjà lọ. "Ọ̀gá, nọ́ọ̀sì ló gbàgbé abẹ́rẹ́, kì í ṣe ọmọ yìí. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe."

"Mo gbọ́, mà. Mo káàánú ẹ̀."

"Mo sì ti ṣèlérí fún wọn."

"Ọ̀yàyà ni mo ní kí ẹ fi gbà wọ́n," ni máníjà wí. "Mi ò ní kí ẹ ṣèlérí."

Ní aago mẹ́rin, wọ́n fún Eléjí ní lẹ́tà ìyọníṣẹ́ níwájú àwọn mẹ́ta yòókù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Kò sunkún, kò pariwo. Ó bá Ìyá Káàbọ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Mà, ṣé ẹ mọ̀?"

Ìyá Káàbọ̀ lè pa irọ́ kejì. Kò sí ohun tó rọrùn tó ìyẹn.

"Mo mọ̀."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀. Ká ní mo sọ fún ẹ ni, o ò ní wá gba oògùn."

"Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n mọ̀," ni Eléjí wí. "Èmi ni mo ni ara mi, mà. Èmi ni mo sì ni àwọn àbúrò mi." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Ojú ti Ìyá Káàbọ̀ débi pé kò lè gbójú sókè wo àwọn mẹ́ta tó kù.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ń da ìdọ̀tí nù, ó rí ìbọ̀wọ́ kan nísàlẹ̀ ike ìdọ̀tí, tí wọ́n ti ká, tí wọ́n sì fi bébà dì. Ó tú u. Ihò kan wà ní ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú. Kì í ṣe ti Eléjí, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da ike náà nù.

Ó pe Agùntáṣọọ́lò, ó pe télọ̀, ó pe tíṣà. Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà síwájú wọn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ni?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín máníjà gan-an. "Kò sí nǹkan kan, mà," ni tíṣà wí. Àwọn méjì tó kù mi orí.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Tó bá kọjá ọjọ́ Àìkú, oògùn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Mo bẹ̀ yín."

"A gbọ́, mà. Ẹ ṣé, mà."

Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó wá. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìwé ìjàǹbá lé itan, ó sì ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan láìkọ orúkọ sí i. Ó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò sẹ́ni tó wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé kí aago méje tó lù. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i, Agùntáṣọọ́lò dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ẹ káàárọ̀, mà, ṣé ẹ sùn dáadáa. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ méjèèjì, Ìyá Káàbọ̀ kò sì rí ìka ẹnì kankan.