Obìnrin Tí Kàdírì Fi Ọ̀rọ̀ Dá

Kàdírì télọ̀ lè rán aṣọ kí ojú abẹ́rẹ́ má hàn níbì kankan, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó wà nínú ẹni jáde. Ohun tó jẹ ẹ́ níyà nìyẹn. Àárín Sabon Gari ní Kano ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí ariwo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í tán lójú títì, síbẹ̀ bí ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ẹ ó rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀ ni.

Fàtíyà ìyàwó rẹ̀ ló ń pe oníbàárà fún un tẹ́lẹ̀. Bí Kàdírì bá rí sítáì tuntun, ti ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ rán. Fàtíyà á wọ̀ ọ́ lọ sí àsàlátù ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìparí, àwọn obìnrin á ti máa fọwọ́ kan apá aṣọ náà. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n á ti kó aṣọ wá. Lẹ́yìn náà ni Ràhmátù, ọmọ wọn, bí ìbejì ní Ìlọrin, ìyá rẹ̀ sì lọ bá a tọ́jú wọn. Ogójì ọjọ́ ló ní òun á lò. Àwọn ìbejì ti jókòó, wọ́n ti rìn, wọ́n ti ń sáré báyìí, Ìyá Ràhmátù kò tíì dé.

Ilé dá páropáro. Ọkùnrin náà ń dá jẹun, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó sì ń se ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ bí ó bá pe Fàtíyà lórí fóònù, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ìyá Ràhmátù, àwọn oníbàárà ń béèrè rẹ o. Ṣọ́ọ̀bù kò lọ déédéé." Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń béèrè jù lọ ni kò dárúkọ ara rẹ̀.

Desmond ló mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayàwòrán wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kano ni, ó ń ya bánà ìpolówó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Noman's Land. Ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó sì rí i bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ṣófo.

"Bàbá, ẹ ò need ẹni tó máa wọ aṣọ fún yín," ó sọ. "Ẹ kàn type ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sínú app yìí, á ya ènìyàn tuntun fún yín. Àbí kẹ́ ẹ fún un ní photo Mama, kó fi aṣọ wọ̀ wọ́n?"

"Rárá," Kàdírì dáhùn. "Ìyàwó mi kò sí nílé, kí n wá máa gbé ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ká fún un."

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, torí nígbà tí Kàdírì kọ "ìró àti bùbá" lásán, ẹ̀rọ náà wọ aṣọ ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì fún obìnrin kan. Ó wá kọ aṣọ náà bó ṣe rí: bùbá léèsì aláwọ̀ aró, apá rẹ̀ gbòòrò, ìró tó wé mọ́ ìdí dé kókósẹ̀. Obìnrin kan jáde, àmọ́ orúnkún ni àwòrán náà parí sí.

"Ẹ sọ pé láti orí dé ẹsẹ̀," Desmond kọ́ ọ. "Ẹ wá dárúkọ bàtà àti ilẹ̀ tó dúró lé. Bẹ́ ẹ bá ti ní kó wọ bàtà, ó gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ sí."

Kàdírì fi sálúbàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kún un. Ó ní kí kámẹ́rà wo obìnrin náà láti òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kúrú bíi ti ọmọdé. Ó ní kí kámẹ́rà wà ní ọ̀gangan ìbàdí, kó dojú kọ ọ́ tààrà, kó jìnnà díẹ̀, ìró náà sì gùn bó ṣe yẹ. Ẹ̀yìn àwòrán ni ìṣòro tó kù, torí ọjà tí ẹ̀rọ kó síbẹ̀ ń bá aṣọ du ojú. Ó ní ògiri aláwọ̀ kíríìmù lásán ni òun ń fẹ́. Aṣọ náà yọ kedere.

Obìnrin inú rẹ̀ nìkan ni kò tíì dára. Gbogbo ẹni tó ń jáde ló tín-ín-rín, ọmọ ogún ọdún. Ta ni nínú àwọn ìyá àsàlátù tó máa rí ìyẹn kó sọ pé òun náà fẹ́? Nígbà tí Desmond lọ tán, Kàdírì jókòó ti fóònù, ó ń kọ: obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó dúdú, ìbàdí rẹ̀ fẹ̀. Ó gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò mọ̀ pé òun mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn títí ó fi rí i pé òun ń kọ ọ́.

Ẹni tó jáde kì í ṣe Fàtíyà. Imú kò jọra rárá. Àmọ́ ìdúró yẹn jọ tirẹ̀ gan-an. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kan náà béèrè, obìnrin mìíràn ló dé, ó wá padà sí ti àkọ́kọ́, ó sì gbé e sórí status WhatsApp rẹ̀. Ó ń dùn ún pé kò sí ẹni tó lè fi hàn nílé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, fóònù dún.

"Bàbá Ràhmátù, ta ni obìnrin yẹn?"

Ohùn Fàtíyà le díẹ̀. Inú Kàdírì sì dùn, ẹ má dá a lẹ́bi. Owú dé, ó ní láti jẹ́ pé òjòwú náà ń bọ̀. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹnì kankan, pé ọ̀rọ̀ ni òun kọ tí ẹ̀rọ fi yà á.

"Irú ọ̀rọ̀ wo? Ẹ kà á sí mi létí."

Ó ṣí i. Ó ka bùbá, ó ka ìró, ó ka sálúbàtà. Ó dé ibi ìbàdí àti ẹsẹ̀ òsì, ojú sì tì í, àfi bí ìgbà tí àjèjì bá rí i níhòòhò. Ó fò ó. Ó ka kámẹ́rà, ó ka ògiri aláwọ̀ kíríìmù.

"Ẹ ò sọ bí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣe máa rí?"

"Ẹ̀rọ ló mú ìyẹn wá fúnra rẹ̀."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Fàtíyà mí kanlẹ̀. "Alihamdulilai. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ti sọ fún Ràhmátù pé tí a bá ti ṣe iléyá tán, mò ń lọ, torí kí iṣẹ́ yín má bàjẹ́. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá lè wọ aṣọ náà fún yín báyìí, kí ni mo tún ń bọ̀ wá ṣe? Ọmọ yìí ti ríṣẹ́, kò sí ẹni tó máa fi àwọn ìbejì sílẹ̀ fún. Àbí nǹkan mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n wá ṣe?"

Kàdírì tún wo ibi tó fò. Ọ̀rọ̀ náà wà lójú fóònù níwájú rẹ̀, kíkà ló kù. Fàtíyà sì ń dúró. Ó dúró pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ.

"Kò sí," ó sọ.

"Ó dáa. Ẹ máa tọ́jú ara yín."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ramlat wọlé, ọmọ Ọ̀fà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti àdúgbò Brigade, ó gbé léèsì lọ́wọ́. "Baba, sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́. Ti obìnrin tó wà lórí status yín ni mo fẹ́, gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Wallahi, ìdúró ẹ̀ wù mí. Níbo ló ń gbé?"

Kàdírì mú okùn ìwọn aṣọ. "Ìlọrin."

"Ó máa ń wá síbí?"

"Ó máa ń wá tẹ́lẹ̀," Kàdírì sọ. "Gbé apá rẹ sókè."