Ọ̀rọ̀ A-Ò-Sí-Ní-Ṣọ́ọ̀bù

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Káfíńtà ti ń kan pósí, kò sì sọ fún oníbàárà kankan rí pé "Ẹ tún padà wá." Ta ló fẹ́ padà wá sọ́dọ̀ akanpósí? Bó bá ti gba iṣẹ́ tán, á ní "Mo ti gbọ́," ó parí nìyẹn. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló mọ̀ pé a kì í kí ènìyàn kú oríire nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àní bí olóògbé bá tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìdí rèé tí inú fi bí i láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn débi pé òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tísà ló dúró síwájú rẹ̀, ó na fóònù sí i lójú. Ilé kejì ni Tísà ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ni aránṣọ tó ń rán aṣọ funfun tí Káfíńtà ń tẹ́ sínú pósí, ó sì ti ń bá a ṣe é fún ogún ọdún. Àìsàn ti dá a dúbúlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á," ni Tísà wí. "Ẹ kà á sókè."

Káfíńtà gba fóònù. Ohun tí Tísà kọ sí i láàárọ̀ Sọ́ńdè ló kọ́kọ́ rí: *Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ti lọ. Ẹ bá mi kan tirẹ̀.* Lábẹ́ rẹ̀ ni èsì wà, láti ọ̀dọ̀ Káfíńtà fúnra rẹ̀: *Ẹ kú oríire o! A ò sí ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, àmọ́ ayọ̀ yín layọ̀ wa. A máa dá yín lóhùn láago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ tún padà wá o, kí ohun ayọ̀ má tán nílé yín!*

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́," ni Káfíńtà wí.

"Orúkọ ta ló wà lókè yẹn?" Tísà gba fóònù rẹ̀ padà. "Ogún ọdún ló fi ń ranjú mọ́ abẹ́rẹ́ nítorí yín. Àwọn akanpósí tó wà ní òdìkejì títì máa kan tirẹ̀. Mi ò fẹ́ pákó yín."

Ó lọ. Káfíńtà kò lè pè é padà. "Ẹ padà wá" gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ nínú dúrọ́ọ̀ tó jù ú sí láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó gbọ̀nà ilé Oníkéèkì lọ.

Oníkéèkì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà ń ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí tà, fóònù ló sì ń bá a dá ìdajì àwọn oníbàárà lóhùn. Nígbà tí àwọn ti òdìkejì títì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán pósí dídán gba oníbàárà mọ́ Káfíńtà lọ́wọ́, òun ló ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé nọ́ńbà yín sórí wasaapu oníṣòwò." Sátidé ló wá. Ó ya pósí méje, ó tò wọ́n sí kátálọ́ọ̀gù, ó kọ irú igi àti iye sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ó kọ wákàtí iṣẹ́ sí i: Mọ́ńdè sí Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ṣe èsì kíákíá, tó fi jẹ́ pé bí Káfíńtà bá tẹ ìlà dídagun, tó kọ "igi" tẹ̀ lé e, gbogbo àlàyé nípa pákó á jáde fúnra rẹ̀, á wá kù kó fi ránṣẹ́. Ìyẹn dùn mọ́ Káfíńtà nínú bí ọmọdé. Ìgbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ a-ò-sí-ní-ṣọ́ọ̀bù, èyí tí fóònù á máa dá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé wá nígbà tí wákàtí iṣẹ́ bá ti kọjá.

Káfíńtà bá ọmọ náà nídìí ààrò, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti bà mí jẹ́!" Ariwo rẹ̀ mi abọ́ lórí tábìlì. "O kí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú ní kú oríire! Ṣé kéèkì ni mò ń tà ni?"

Ọmọ náà gba fóònù, ó kà á, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Lẹ́yìn náà ojú tirẹ̀ náà yí padà.

"Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí n lè tún un ṣe níbẹ̀. Mo pààrọ̀ wákàtí. Mo wá kà á sí yín létí, mo ní, 'Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ yín, ṣé kí n fi oríire yìí sílẹ̀ ni?' Ẹ mi orí."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fá pákó ń ké, ẹ ò pa á, ẹ ò wẹ̀yìn, ẹ kàn mi orí bí alángbá. Mo rò pé torí òkú àgbà ni. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo ṣe o, ẹ wá ń kígbe lé mi lórí nínú ilé ara mi!"

Káfíńtà rántí ariwo ẹ̀rọ náà. Ó rántí pé òun mi orí, nítorí pé òun fẹ́ kí ọmọ náà tètè máa lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Òun kò tilẹ̀ wo ẹyin náà kó tó jábọ́. Ìbínú tó gbé wá kò lọ, ara rẹ̀ ló yí sí, ó sì gbóná jù tàtẹ̀yìnwá.

"Fi ibẹ̀ hàn mí," ló sọ. "Má bá mi kọ ọ́. Èmi ni màá kọ ọ́."

Ọmọ náà ṣí irinṣẹ́ ìṣòwò fún un, ó fi ibi ọ̀rọ̀ náà hàn án. Ìka tó nípọn ni Káfíńtà fi pa á rẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó kọ òmíràn. Nígbà tó parí, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọ̀sán, ó lọ sílé Tísà. Wọ́n ní kò fẹ́ rí i. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò fọwọ́ kan pákó. Gbogbo pósí tó wà nílẹ̀ ló ní aṣọ tí obìnrin náà rán nínú. Àwọn àjèjì lódìkejì títì ló máa wá kan tirẹ̀? Ó fi ẹsẹ̀ gbá garawa ìṣó dànù.

Nígbà tí aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, Tísà, tí inú ṣì ń bí, tún kọ̀wé sí i: *Ṣé ayọ̀ yín ti kún báyìí?*

Fóònù dá a lóhùn: *Mo ti gbọ́. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń gbé. Ẹ kan ìlẹ̀kùn nígbàkígbà, màá dìde. Káfíńtà.*

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Tísà ló dúró síbẹ̀, ó gbé ẹrù kékeré kan dání. Kò kí i.

"Mi ò tíì dárí jì yín," ló wí.

"Mo gbọ́."

Tísà tú ẹrù náà. Aṣọ funfun ni, wọ́n ti rán an tán, wọ́n ti ká etí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣó Káfíńtà.

"Orí ibùsùn àìsàn ló ti rán an. Ó ní kí n má gbé e fún ẹlòmíì, pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án." Ó gbé e lé Káfíńtà lọ́wọ́. "Ẹ kàn án."

Káfíńtà tan iná ṣọ́ọ̀bù. Kó tó fọwọ́ kan pákó, ó yọ wáyà ẹ̀rọ ìfápákó aláriwo náà lára iná. Ìfá ọwọ́ ló mú.