Ẹ Bá Mi Kí Toyibat, Ó Ti Pẹ́ Díẹ̀

"Kí ni Toyibat sọ nígbà tí o pè é?" Alhaja Sàrátù béèrè. Kò gbójú kúrò lára etí kọ́tìnnì tó ń fọwọ́ rán.

Ramlah, ọmọ rẹ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì tí wọ́n wà, tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ń wọ̀n ọ́n. "Ìgbà wo ni mo pè é, Màmá?"

"Níjẹta. Ṣebí níjẹta ni ọjọ́ ìbí ìwọ fúnra ẹ pé ọjọ́ kẹjọ."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Ramlah. Ó wá àga, ó jókòó. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò gbàgbé ọjọ́ yẹn rí, ọdún tí Toyibat pé ogójì ló wá fi gbàgbé.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ilé kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo. Ọjọ́ ìbí méjì ni Toyibat ní. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira. Olùkọ́ tó gbà á wọlé sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló bá wọn kọ ọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ dé iwájú tábìlì tí kò rántí oṣù. Ọdún tọ̀nà, wọn kò jí ọjọ́ orí gbé, oṣù àti ọjọ́ nìkan ni olùkọ́ fi ṣàánú. Láti ìgbà náà ló ti wà bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Fesibúùkù ń kéde rẹ̀ lọ́dọọdún, ìjọba sì ń fún gbogbo Nàìjíríà ní ọlidé nítorí rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ.

Ọjọ́ tòótọ́ yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù kan náà ni ìyá àwọn méjèèjì gbé ní Festac. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ Ramlah lórúkọ, ìyá Toyibat jókòó pẹ̀lú oyún ńlá, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè, nítorí ta ni àlùbọ́sà kì í pa lẹ́kún? Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ìrọbí ni, díẹ̀ ló kù kó bímọ sí kíṣìnnì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gbé Toyibat dé láti ọsibítù. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ méjèèjì, ó ti di olóògbé báyìí. Bàbá rẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Nítorí náà, lọ́dọọdún, ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ọjọ́ ìbí tirẹ̀, Ramlah á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ní í pè.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ ti rán mi létí, Màmá."

"Èmi? Mo rò pé o ti pè é láti ilé ẹ ni. Kí lò ń ṣe lọ́jọ́ náà gan-an?"

Ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ náà ló mú ojú tì í jù. Ó ń dúpẹ́ ni. Àwọn tó wá bá a jẹun nígbà tó pé ogójì ló ń fi fọ́tò wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé àga wá. Toyibat tó dúró ti iná fún un láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wà lára àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nínú fọ́tò tí wọ́n kó èèyàn méje pọ̀ sí.

Èyí tó burú jù ni pé Toyibat gbé fọ́tò kan sórí Wọsáàpù lọ́jọ́ náà. Ó dúró nìkan níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní iléèwé girama kan ní Amúwo, ó wọ àdìrẹ tuntun, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ramlah rí i. Ó tiẹ̀ fèsì pé "Ọmọge ńlá," ó sì kọjá lọ.

Ramlah gbé fóònù níbi tó jókòó sí, ó pè é lójú ẹsẹ̀. Aago ró títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn díẹ̀, ọ̀rọ̀ wọlé: "Mo wà ní ìpàdé. Àlàáfíà ni. O ṣé, ọ̀rẹ́ mi." Toyibat tí kì í pè é ju "oníwàhálà" àti "ìwọ yìí" lọ, òun ló ń kọ̀wé sí i bí ẹni ń kọ̀wé sí ilé ìfowópamọ́.

"Mo máa kí i lójú gbogbo ayé," ó wí. Ó gbé fóònù, ó kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀: èmi pẹ́ nítorí iṣẹ́, ara mi kò lélẹ̀ láti ìgbà ọjọ́ ìbí mi, àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí n sinmi, kú oríire ìwọ obìnrin akíkanjú, ìwọ ìràwọ̀ tí ń tàn.

Alhaja já òwú pẹ̀lú eyín. "Ọjọ́ ìbí ta ni?"

"Ti Toyibat ni, Màmá."

"Ìwọ ni mo rí níbẹ̀. Ìgbà tí o ti sọ tìẹ tán ni Toyibat tó wọlé. Ìràwọ̀ yẹn sì lè jẹ́ ìyàwó gómìnà. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi àsè kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà máa ròyìn ọkọ̀ tó gbé e wá."

Ramlah pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó mú ìwé fọ́tò àtijọ́ wá láti ilé, nítorí ibi tó ń gbé kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò méjì ló wà níbẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ mu. Nínú ọ̀kan, Ramlah rẹwà, Toyibat dijú. Nínú èkejì, Toyibat dúró ṣánṣán nínú yúnífọ́ọ̀mù, Ramlah sì ń họ orí, sọ́ọ̀kì rẹ̀ kan ti wálẹ̀ dé kókósẹ̀. Èyí ló mú, torí ẹni tó jẹ̀bi kì í yan fọ́tò tí òun ti gbayì. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá tó ń dán, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó pa iná kámẹ́rà, ó yà á.

Kọ́tìnnì tó ń polówó lórí ayélujára ti kọ́ ọ ní nǹkan kan: ìlà bíi mélòó kan péré ni Fesibúùkù máa ń fi han èèyàn, ìyókù á fara pamọ́ títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Bí òkè kò bá dùn, kò sẹ́ni tó máa dé ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìlà kan. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́ kí ìrántí máa wọlé:

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ wo ẹni tó ń họ orí yẹn, kò mọ̀ pé òun máa gbàgbé nǹkan ńlá lọ́jọ́ kan.

Toyibat ni olórí kíláàsì wa. Tíṣà ní kó kọ orúkọ aláriwo. Ó kọ tèmi, ó sì kọ tara rẹ̀ tẹ̀ lé e, torí pé àwa méjèèjì la jọ ń pariwo. Wọ́n nà wá pa pọ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọmọ yìí máa di ọ̀gá iléèwé, tàbí kó ya wèrè.

Lọ́jọ́ tí mo ṣubú sí gọ́tà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, kẹ́ẹ̀gì ló kọ́kọ́ fà yọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jò, ló bá bi mí pé, 'Ìwọ ńkọ́?'

Nígbà tí mo bímọ tí ara mi ò yá, òun ló sùn tì mí ní ọsibítù. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí itan mi, ó ní kò sí tábìlì.

Igbákejì ọ̀gá iléèwé ni lónìí. Bí ẹ bá rí i ní Amúwo, ẹ kí i dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọlọ́run á jẹ́ ká dàgbà pọ̀, ká máa bá ara wa jà níbikíbi tí a bá jókòó sí."

Alhaja rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Èyí ni Toyibat. Àlùbọ́sà ńkọ́?"

"Mi ò lè kọ ìyẹn, Màmá. Àwọn èèyàn á máa béèrè pé ọjọ́ ìbí wo ló wà nínú oṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ ni. Kì í ṣe tèmi láti tú síta."

Nítorí náà, kò gbé e síta. Ó fi ránṣẹ́ sí Toyibat nìkan, ó sì kọ sí i pé, "Mo gbàgbé ọ. Mi ò ní àwáwí. Ṣé kí n gbé e síta bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ti kírun Àsárì kí èsì tó dé, ohùn ló fi ránṣẹ́. Ramlah gbé e sétí.

"Ìwọ yìí." Ohùn Toyibat ni. "Irọ́ lo pa nípa kẹ́ẹ̀gì. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ yọ. Ṣùgbọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dùn ju òótọ́ lọ. Ramlah, láti ìdájí ni mo ti ń retí ìpè ẹ níjẹta. Wọ́n bi mí ní ọ́fíìsì pé kí ni mò ń ṣe tí mo fi wọ aṣọ tuntun, mo ní kò sí. Ó dùn mí gan-an. Kì í wá ṣe pé o gbàgbé nìkan. Mo rò ó pé bí ìwọ àti Alhaja ò bá rántí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ pé màmá mi bí mi lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tí o fi yọ àlùbọ́sà màmá mi? Fi í sí òkè pátápátá, níbi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ rí i. Kí ìwé ìjọba máa jẹ́ ti ìjọba. Èmi fẹ́ ọjọ́ mi."

Ramlah jókòó, ó sunkún, ó sì kọ ọ́ sókè: "Ìyá Toyibat ń rẹ́ àlùbọ́sà ìsọmọlórúkọ mi ni ìrọbí fi mú un. Ọmọ àlùbọ́sà ti pé ogójì ọdún níjẹta, èmi tí wọ́n torí mi rẹ́ ẹ ni mo gbàgbé." Ó fi orúkọ Toyibat mọ́ ọn kí ó lè hàn lójú ewé tirẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kí ó tó gé kọ́tìnnì kan tán, èsì ti ń ya wọlé. Àwọn olùkọ́ iléèwé Toyibat ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí i ní "Màdáámù Aláriwo." Margaret, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ní òun náà wà nínú àwọn tí Toyibat kọ orúkọ wọn, òun kò sì tíì dárí jì í. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá Mùsúdù, ará búlọ́ọ̀kù wọn àtijọ́, kọ tirẹ̀: "Èmi ni mo sáré lọ pe tákísí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò wọ bàtà. Ṣé ọmọ náà ló di ọ̀gá báyìí? Inú mi dùn."

Ramlah kà á sókè fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orí Ramlah wú bí ẹni pé òun ló bí Toyibat.

Toyibat fúnra rẹ̀ ló pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ sì dí.

"O rí Bọ̀dá Mùsúdù?"

"Mo rí wọn. Jọ̀ọ́, Toyibat, má bínú."

"Mo ti bínú tán. Gbọ́, bí o bá gbàgbé lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo Festac ti mọ̀ ọ́n báyìí, wọ́n á kí mi." Ó fa imú. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ṣì máa jókòó dè."