Ojú Iwin Tó Kọ Olójú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí etí yín má ṣe sá.

Ìyá Aránṣọ, tó ń rán aṣọ eré fún àwọn òṣèré, ti wo àwòrán àtijọ́, ó fi omi tíì pa aṣọ iwin láró, ó sì ha etí aṣọ náà kó lè dà bí èyí tó ti gbó. Ṣùgbọ́n ojú iwin onírọ́bà tí ọkọ rẹ̀ ṣe kò lẹ̀ mọ́ òṣèré tó fẹ́ ṣe iwin lójú. Gbogbo etí rẹ̀ ń ṣí. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ọkọ ń wò ó tìfura-tìfura. "Ta ló gbé rọ́bà mi sún mọ́ iná?"

"Èmi kọ́ o, bàbá ọmọ mi."

Ara fu ìyàwó náà. Ó gbé orí ẹfun tí wọ́n fi ojú òṣèré yọ, tí ọkọ rẹ̀ wọn rọ́bà lé, wá, ó ń fi í wé ojú òṣèré, ó ń kọrin:

"Àgbọ̀n tibí ní kòtò,
Tìrẹ dà, ọ̀rẹ́ mi?"

Òṣèré wólẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà! Wọ́n ní ẹ máa fi ẹfun tútù bo gbogbo ojú mi, ihò imú nìkan lẹ máa fi sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo bá rán ìkejì mi wá dípò mi."

Ìyá Aránṣọ ké: "Ìbejì! Ojo lásán-làsàn! Lọ pè é wá!"

Ìkejì dé, rọ́bà lẹ̀ mọ́ ọn lójú bí awọ ara. Òun ló ṣe iwin. Gbogbo wọn jẹun yó, wọ́n sì fẹ̀rín relé.