Ọjọ́ Àtúnṣe àti Iléeṣẹ́ Onífáànù

Ìyá Fáànù kò tíì bí ọmọ kankan nígbà tí àdúgbò ti sọ ọ́ di Ìyá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí fáànù bá kú, tó gan pa, òun náà ló máa ń jí i dìde nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ṣàwàdà lọ́jọ́ kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo òkìtì àga àti fáànù tí àwọn èèyàn dà sẹ́bàá gọ́tà, ó ní, "Àbúrò, bí a bá tún gbogbo ìwọ̀nyí ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àdúgbò yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò!"

Ara Ìyá Fáànù ta gìrì. "Kí ló dé tí a ò ní ṣe é?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fa aránbàtà, ìyẹn ẹni tó ń tún bàtà ṣe, mọ́ra, wọ́n sì fa Bọ̀rọ̀kìnní náà, télọ̀ tí kì í jáde láìnu bàtà rẹ̀ kó dán bíi dígí. Wọ́n gba pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní kí gbogbo ilé gbé ohun tó bá bàjẹ́ wá, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́ wà. Ohun tí kò sí ni ibòji, jẹnẹrétọ̀, àti ojúlówó ẹ̀yà ara fáànù tí wọ́n máa fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́.

"Iléeṣẹ́ onífáànù tó wà lópin títì ńkọ́?" ni Ìyá Fáànù wí. "Ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ wa."

Bọ̀rọ̀kìnní gbà á láti kọ lẹ́tà. Nígbà tó kà á sétí wọn, ẹ̀bẹ̀ ló kún un fọ́fọ́: "Ẹ ṣàánú àwa aláìní, ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti bù kún…"

Ìyá Fáànù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀rọ̀kìnní, ṣé owó ìsìnkú là ń tọrọ ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tó tún ìlú rẹ̀ ṣe," ni télọ̀ dáhùn, ojú sì tì í díẹ̀.

"Wọn kì í ṣe òṣìkà, wọn kì í sì í ṣe bàbá wa. Ọlọ́jà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó máa kàn wọ́n níbẹ̀."

Wọ́n jókòó tún un kọ sí ojú ìwé kan péré: ohun tí ọjọ́ náà jẹ́, ibi tó máa wáyé, irú àwọn tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́, àti ohun tí iléeṣẹ́ máa rí gbà. Nígbà tí èsì dé pé kí wọ́n wá, ariwo tí wọ́n pa ní ṣọ́ọ̀bù mú kí àwọn tó ń kọjá lọ yà wá béèrè ẹni tó bímọ.

Yàrá ìpàdé iléeṣẹ́ náà tutù bí ẹni wà nínú fìríìjì. Ọ̀gá ìpolówó ọjà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, jókòó kọjú sí Ìyá Fáànù àti Bọ̀rọ̀kìnní nídìí tábìlì. Obìnrin ẹnjiníà kan jókòó tì í, pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́.

"Mo ka ìwé yín, ó wù mí," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Fáànù tuntun là ń tà. Bí ẹ bá wá tún ti àtijọ́ ṣe fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló máa ra tiwa?"

Bọ̀rọ̀kìnní ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá Fáànù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ń wá fáànù á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ pé, 'Èwo ló máa ń pẹ́?' Bó bá rí i pé tiyín ṣeé tún ṣe, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti rà á. Ohun tó ń bà yín lórúkọ jẹ́ ni ayédèrú súìṣì tí wọ́n ń tà káàkiri. Bó bá jó, orúkọ yín ni wọ́n máa ń bú."

Ẹnjiníà gbójú sókè. "Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó o wá bá wa."

"Nítorí náà, ẹ gbé tábìlì kan kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ ojúlówó àti ayédèrú han àwọn èèyàn, kí ẹ sì ta ojúlówó fún ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ sílé. Ẹ̀yin nìkan ni iléeṣẹ́ onífáànù tí orúkọ rẹ̀ máa wà lára aṣọ ìpolówó wa. Ohun tó bàjẹ́ lára fáànù kọ̀ọ̀kan, a máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, a máa fi fọ́tò àti àkọsílẹ̀ bí nǹkan ṣe lọ ránṣẹ́."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n fáànù tiwa nìkan ni kí ẹ tún ṣe."

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Fáànù sún mọ́ tábìlì.

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, ọ̀gá. Bí a bá lé ìyá àgbà kan padà nítorí orúkọ tó wà lára fáànù rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ló máa bínú sí, nítorí orúkọ yín ló wà lókè. Ẹ jẹ́ kó jókòó sábẹ́ ibòji yín, kí afẹ́fẹ́ fáànù yín máa fẹ́ sí i lára títí a ó fi parí tirẹ̀. Kò ní gbàgbé."

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. "Ẹ jẹ́ ká gbìmọ̀ lé e lórí. A ó pè yín."

Ìgbà tí ìpè náà wọlé, ẹ̀gbọ́n ń gé pákó lọ́wọ́. Ìyá Fáànù gbọ́ ọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo sókè bí ọmọdé. Iléeṣẹ́ kò fún wọn lówó tí wọ́n béèrè fún jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa yá wọn ní tiwọn. Wọ́n máa gbé àgọ́ àti àga wá, àpótí súìṣì àti wáyà, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó mọ iṣẹ́. Ẹnjiníà ní òun náà ń bọ̀.

"Káfíńtà, fi pákó sílẹ̀, jẹ́ ká jó!" ni Bọ̀rọ̀kìnní pariwo, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó sì ń ta eruku.

Nígbà tí ọjọ́ pé, pápá kò gbèrò. Wọ́n gbé fáànù sórí, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, bàbá kan tilẹ̀ ti tirẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Aránbàtà ń kan ìṣó mọ́ bàtà, télọ̀ ń rán àpò ọmọ iléèwé, òógùn bo ẹ̀gbọ́n níbi tó ti ń lẹ ẹsẹ̀ àga. Lórí tábìlì iléeṣẹ́, ẹnjiníà gbé súìṣì méjì dání, èrò sì yí i ká bí ẹni ń wo ìjàkadì. "Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ yín! Ayédèrú yìí fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ!"

Ọ̀gá ìpolówó kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pẹ́ tó fi ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ń pín omi, tó sì ń ya fọ́tò. Ìyá àgbà kan gbé fáànù iléeṣẹ́ mìíràn dé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ àgọ́. "Màmá, ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà."

Bí fáànù kan bá ti yí, gbogbo èrò á hó yè! Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ohùn Ìyá Fáànù ti há, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Ẹnjiníà fi àkọsílẹ̀ hàn án: nínú fáànù iléeṣẹ́ wọn, ibi kan náà lọ́rùn ni èyí tó pọ̀ jù ti ń kán.

"Láìsí ọjọ́ òní, a ò bá tí mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọrùn yìí. Ṣé ẹ lè wá bá mi wò ó?"

"Mo ti dé ibẹ̀ tán!" ni Ìyá Fáànù fi ohùn tó há dáhùn, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sáré lọ bá ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé fáànù gba ẹnu ọ̀nà wọlé.